Ẹ má fi orin ayọ̀ lé ìbínú: bí a ṣe ń to orin fún ẹni tí olólùfẹ́ já sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lónìí, láti Mówè ló ti wá bá mi. Ìyá kan tó ń ta ọjà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ níbẹ̀ ló wá sílé mi ní Ìbàfò lọ́jọ́ Sátidé kan, kò sì tíì jókòó tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ló ní àfẹ́sọ́nà. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, wọ́n ti pín aṣọ ẹbí, ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àfi bí ọkùnrin náà ṣe fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù pé òun kò ṣe mọ́. Kò wá fúnra rẹ̀, kò rán àgbà kankan.

Ohun tó gbé ìyá náà wá sọ́dọ̀ mi kọ́ ni ti ọkùnrin yẹn. Orin ni. Ó ní láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, orin kan ṣoṣo ni ọmọ òun ń gbọ́ tọ̀sán-tòru, inú orin náà sì ni wọ́n ti ń dárúkọ igbó àti ọtí. Òun wá pa á. Òun gbé rédíò ńlá sí pálọ̀, òun fi orin ìyìn sí i, kí ara ọmọ lè yá. Ọmọ náà wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, kò sì bá òun sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó wá bi mí pé: “Ṣé orin ìyìn náà ló burú ni?”

Mo ní kò burú rárá. Ó kàn tètè dé ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ náà wé ẹni tó bọ́ sínú kòtò. Bí ẹ bá dúró lókè tí ẹ ń kọrin fún un pé òkè dára, ẹ kò tíì ràn án lọ́wọ́. Àkàbà ni kí ẹ sọ sílẹ̀ fún un, kí ẹsẹ̀ àkàbà náà sì kan ilẹ̀ ibi tó wà gan-an. Orin fún ẹni tí wọ́n já sílẹ̀, bí àkàbà ni. Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jọ bí inú onítọ̀hún ṣe rí lọ́jọ́ náà. Èyí tó tẹ̀lé e á fi díẹ̀ yàtọ̀. Báyìí ni a ó ṣe máa gùn ún títí a ó fi dé ibi tó ti lè sọ pé, “Ó ṣẹlẹ̀, ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo wà.”

Èyí kì í ṣe àbá tí mo kàn gbé kalẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Ira Altshuler ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Eloise ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ó ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá fi orin ìdùnnú síwájú aláìsàn tí inú rẹ̀ bàjẹ́, aláìsàn náà kì í gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí orin bá kọ́kọ́ bá bí inú rẹ̀ ṣe rí mu, tí wọ́n sì ń yí i padà díẹ̀díẹ̀, inú aláìsàn náà á máa bá orin yí. Ní 1948, ó kọ ìrírí rẹ̀ jáde, àwọn tó ń fi orin tọ́jú aláìsàn sì ń lo ọgbọ́n yẹn títí dòní.

Àwọn ìyá wa náà kò ṣàìmọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú agboolé ńlá, ẹ ó rántí orin òwe tí àwọn orogún máa ń kọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kì í fọhùn. Á mú ọwọ̀, á máa gbálẹ̀, á sì máa kọrin. Gbogbo ilé á mọ ẹni tó ń bá wí, ṣùgbọ́n orin ni, ta ló máa mú un fún orin? Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ kẹta, ohùn á rẹlẹ̀, orin á yí padà. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó tètè gbàgbé. Orin ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá Mówè. Ohun àkọ́kọ́ tí mo bi í ni pé: “Ṣé inú ọmọ yín bàjẹ́ ni, àbí inú ló ń bí i?” Ó ní inú rẹ̀ bàjẹ́. Mo ní kó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún mi. Ó ní kò sunkún, ó ń rìn kiri inú yàrá, ó ń ka ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà fi ránṣẹ́ ní àkàtúnkà, ó ń já àwọn àbúrò rẹ̀ lóhùn, ó sì la fóònù mọ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin òbí mi, ìbínú nìyẹn. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ máa ń wúwo ni, á máa sùn tàbí kó máa sunkún, ara rẹ̀ á rọ̀. Ẹni tí inú ń bí, ara rẹ̀ á le, eyín rẹ̀ á pa pọ̀, kò ní lè jókòó sójú kan. Ẹ wo ara kí ẹ tó yan orin, nítorí ẹnu lè pe ìbínú ní ìbànújẹ́.

Orin tí ọmọ náà ń gbọ́ ni “Last Last” tí Burna Boy gbé jáde ní 2022, lẹ́yìn tí òun náà àti olólùfẹ́ rẹ̀ pínyà. Ìyá kò fẹ́ràn rẹ̀ nítorí igbó àti ọtí, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó mọ ohun tí ọmọ rí níbẹ̀: ohùn ẹni tí wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe ṣe òun, tí inú ń bí, tí kò sì díbọ́n. Nínú orin náà, wọ́n fa ohùn kan yọ láti inú orin Toni Braxton ti ọdún 2000, èyí tí òun náà dá lórí ọkùnrin tí kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Mo sọ fún ìyá náà pé kó fi í sílẹ̀ ní orin kìíní. Kó kàn bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ láìjà, pé igbó àti ọtí kì í wo ọgbẹ́, ṣe ni wọ́n ń sún ọjọ́ ẹkún síwájú.

Èmi àti ìyá náà, pẹ̀lú ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ nígbà tó yá, to orin méje. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe tò ó àti ìdí rẹ̀, kì í ṣe pé kí ẹ lo méje yẹn náà, bí kò ṣe kí ẹ lè rí iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Orin kìíní àti ìkejì jẹ́ ti ìbínú. Lẹ́yìn “Last Last”, a fi “Dead Again” ti Àṣá sí i, èyí tó wà nínú àwo rẹ̀ tó jáde ní 2014. Ọ̀dàlẹ̀ ni orin náà ń bá wí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ọ́ ti ń sọ ibi tó ti dun òun. Ẹ ò rí i pé ó ti fi díẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́? Ìbínú ti ń ṣí ìrora tó wà lábẹ́ rẹ̀. Orin méjì tó fún ìbínú. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á to orin ìbínú mẹ́wàá léra, wọ́n rò pé báyẹn ni ìbínú ṣe ń tán nínú. Kì í tán bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fi wákàtí méjì gbọ́ orin ìbínú nígbà tó ń ro ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ìbínú rẹ̀ ń gbóná sí i ni. Ẹ sì yan orin tó ń sọ pé “ó dùn mí”. Ẹ yẹra fún èyí tó ń ṣépè tàbí tó ń sọ bí wọ́n á ṣe gbẹ̀san.

Orin kẹta ni ti ẹkún. “Bibanke” la fi síbẹ̀, orin Àṣá náà ni, láti inú àwo rẹ̀ ti 2007. Ó rọra ń lọ, ohùn rẹ̀ kò le, ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ ló ń kọ ọ́. Ibí yìí ni ara tó le máa ń tú. Bí ọmọ yín bá sunkún níbẹ̀, ẹ má ṣe sáré wọlé lọ pa orin. Ẹ lè jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ẹkún tó ń ṣiṣẹ́ máa ń ní òpin: á sun ún, á mí kanlẹ̀, á fẹ́ mu omi.

Orin kẹrin ni ti àárò. A fi “Olufunmi” ti àwọn ọmọ Styl-Plus sí i, èyí tó lókìkí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, níbi tí ọkùnrin ti ń ké pe orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀. Ẹ má fojú kéré ibí yìí, nítorí òun ló léwu jù nínú gbogbo àkàbà náà. Nígbà tí ìbínú bá lọ tí ẹkún bá dá, ohun tó máa ń kù ni “bóyá tí n bá pè é”. Nítorí náà, kí fóònù tí wọ́n fi ń gbọ́ orin má jẹ́ èyí tí nọ́ńbà ọkùnrin yẹn wà lórí rẹ̀. Fóònù ìyá la lò. Kí orin àárò má ju ẹyọ kan lọ. Kó má sì jẹ́ orin tí àwọn méjèèjì jọ fẹ́ràn tàbí èyí tí wọ́n jó sí lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Orin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àtẹ̀gùn, ọ̀nà àbùjá padà sínú kòtò ni.

Orin karùn-ún ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí òun ni àwọn tó ń to irú orin yìí nílẹ̀ òkèèrè kì í sábà fi sí i. Ti ìtìjú ni. Láàárín tiwa, ọkùnrin kan kì í dá já obìnrin kan sílẹ̀. Ẹbí já ẹbí sílẹ̀ ni. Ìyálọ́jà ti ra aṣọ, àwọn ará àdúgbò ti gbọ́, àbúrò bàbá ti fowó ránṣẹ́. Ọmọbìnrin náà sọ fún mi pé òun ti ń gbàgbé ọkùnrin yẹn, àmọ́ òun kò lè gba iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rán aṣọ ẹbí kọjá. Bí a bá fo ibí yìí, onítọ̀hún á máa rẹ́rìn-ín nínú ilé, ṣùgbọ́n kò ní fẹ́ jáde.

Ìyá àgbà rẹ̀ tó ń gbé Ìfọ̀ ló yanjú rẹ̀ fún wa. Ó ní, “Ẹ fi orin Obey yẹn sí i, ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.” Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n: ní 1973 ni Ebenezer Obey gbé e jáde, ìtàn ọkùnrin kan, ọmọ rẹ̀ àti ẹran tí wọ́n ń gùn. Bí bàbá gùn ún, ayé sọ̀rọ̀. Bí ọmọ gùn ún, ayé sọ̀rọ̀. Bí àwọn méjèèjì fẹsẹ̀ rìn, ayé tún sọ̀rọ̀. Orin ìfẹ́ kọ́, kò sì dárúkọ ìjákulẹ̀ níbì kankan, ṣùgbọ́n ó bá ohun tó ń dun ọmọ náà lákòókò yẹn mu. Ìyá àgbà tún sọ fún un pé Ìdógò ni wọ́n ti bí Obey, ibi tí rélùwéè máa ń yà lọ láti Ìfọ̀ láyé ìgbà tiwọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọkùnrin tó já òun náà sílẹ̀ kí òun tó fẹ́ bàbá àgbà. Ọmọ náà kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Orin kẹfà ni ti ìdìde. “I Will Survive” ti Gloria Gaynor la lò, èyí tó jáde ní 1978 tí ẹ̀yin náà jó sí lóde àríyá. Ohun tó jẹ́ kó dára fún ibí yìí ni pé inú orin náà fúnra rẹ̀ ni ìrìn wà: ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀, ó sì parí sí ti ẹni tó le ẹni náà síta nígbà tó fẹ́ padà wá. Ìlù rẹ̀ yá, ara á fẹ́ mì. Kó dìde, kó rìn, kó gbálẹ̀ sí i.

Orin keje ni ti ìgbà. Ìgbà tí mò ń wí kì í ṣe pé ó ti dùn mọ́ ọn nínú, kì í sì í ṣe pé ó ti dárí ji ọkùnrin náà. Ohun tó jẹ́ ni pé kò bá ohun tó ti ṣẹlẹ̀ jà mọ́. A fi “Ja Funmi” ti King Sunny Ade síbẹ̀, ti ọdún 1982, níbi tó ti ń ké sí orí rẹ̀ pé kó jà fún òun. Ìlù rẹ̀ ń lọ geerege, kò kánjú, ìjà sì ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń kọrin, ó ti fi lé orí rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo sọ fún ìyá náà pé kó wá fi orin ìyìn rẹ̀ sí i. Ibi tí àyè rẹ̀ wà nìyí, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ gbé e.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé ọjọ́ kan ni a gbọ́ méjèèje tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú ogójì lọ, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ la sì ń gbọ́ ọ, ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe lóru nígbà tó yẹ kó sùn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, orin kẹta la dúró sí. Bí a ṣe mọ̀ pé ó tó láti tẹ̀ síwájú ni pé ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń dì ti tú, ó sì ń mí jinlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, lẹ́yìn orin àárò, ó yá fóònù àbúrò rẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà kà á, kò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí i bíi ti àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ pè mí pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Mo ní kò bàjẹ́, ẹ padà sí orin kìíní, kí ẹ yọ orin kẹrin kúrò fún ọ̀sẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gbọ́ ọ dé òpin láìfò kankan, ó sì tó oṣù méjì kó tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ yẹn kọjá.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ ti gbọ́ pé ìbànújẹ́ ní ìpele márùn-ún tí èèyàn ń gbà lẹ́sẹẹsẹ. Inú ìwé kan tí dókítà Elisabeth Kübler-Ross kọ ní 1969 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, àwọn aláìsàn tó mọ̀ pé ikú ti sún mọ́ àwọn ló sì ń sọ nípa wọn. Kò kọ ọ́ fún ẹni tí àfẹ́sọ́nà já sílẹ̀. Nílé ayé, èèyàn máa ń lọ síwájú, á padà sẹ́yìn, á fo ibì kan. Orin la tò lẹ́sẹẹsẹ, a kò lè to ọkàn èèyàn bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ yín bá jí lọ́jọ́ kan tí ìbínú ò sí lára rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orin ẹkún. Bó bá jí pẹ̀lú ìtìjú nìkan, orin kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan nìyí. Mo mọ bàbá kan ní Ìfọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù jáde lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Orin Burna Boy kò lè ṣe nǹkan kan fún irú wọn. Orin tí èèyàn gbọ́ láàárín ìgbà ọ̀dọ́langba sí ìgbà tó di géńdé ló máa ń wọ̀ ọ́ lára jù títí dọjọ́ ogbó, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti ṣa tiyín. Fún ìbínú, bàbá yìí yan Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà Abẹ́òkúta tó kú ní 1980, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá tó túbọ̀ rọlẹ̀, kó tó wá dé ọ̀dọ̀ Obey. Ọ̀nà kan náà ni, àwọn olórin ló yàtọ̀.

Ó ku ohun kan, òun ló sì wúwo jù. Orin kì í ṣe oògùn fún ìrẹ̀wẹ̀sì tó ti di àìsàn. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú tẹ́lẹ̀, orin ẹkún tún lè rì í mọ́lẹ̀ sí i. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé lẹ́yìn orin náà, kò ní mí kanlẹ̀, kò ní béèrè omi, orin ẹkún nìkan ni á máa tún gbé, ojoojúmọ́ ni ara rẹ̀ á sì máa wúwo sí i. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ yọ orin ẹkún àti ti àárò kúrò pátápátá. Bó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò jẹun dáadáa, tí kò sùn, tí kò sí ohun tó wù ú ṣe mọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ṣùgbọ́n bó bá ń sọ pé ayé ti sú òun, pé ó sàn kí òun má sí, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù rẹ̀ fún àwọn èèyàn, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni. Ẹ bi í ní tààrà pé, “Ṣé o ń rò ó láti pa ara rẹ ni?” Ìbéèrè yẹn kò ní fi èrò burúkú sí i lọ́kàn, ṣe ló máa jẹ́ kó rí ẹni sọ ọ́ fún. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì kó oògùn kòkòrò àti oògùn òyìnbó gbogbo kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aró l’Ábẹ́òkúta kò jìnnà sí wa. Láti 1954 ló ti ń gba aláìsàn, níbẹ̀ sì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n lè máa gba ìtọ́jú láìsí nínú àhámọ́. Ẹni tó bá sún mọ́ Èkó lè gbé tirẹ̀ lọ sí Yábàá. Kì í ṣe ilé wèrè ni ẹ ń mú ọmọ lọ, ẹ jọ̀wọ́. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú èèyàn ni.

Ìyá Mówè tún wá kí mi lóṣù tó kọjá. Mo béèrè ọmọ rẹ̀. Ó ní ó wà dáadáa, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun gbọ́ ọ ní ilé ìdáná tó ń fọ abọ́, orin tó wá lẹ́nu rẹ̀ sì ni ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn. Mo ní, “Ẹ̀yin náà ńkọ́? Aṣọ ẹbí yín dà?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti fi rán búbà, òun wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.